Iye Tí Ìwé-Ẹ̀rí CCNA Máa Ná Yín Gan-an: Bí A Ti Ń Ṣírò Rẹ̀ Kí A Tó San Owó Ìdánwò

CCNA ni ìwé-ẹ̀rí tí ilé-iṣẹ́ Cisco ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà máa ń fún ẹni tí ó bá fi hàn nínú ìdánwò pé òun mọ bí a ti í so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra, bí ìsọfúnni ti í rìn láti orí ẹ̀rọ kan dé òmíràn, àti bí a ti í dáàbò bo irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdánwò kan ṣoṣo ni a ń ṣe fún un. Nọ́ńbà ìdánwò náà ni 200-301, wákàtí méjì ni a sì fi ń ṣe é. Báǹkì, ilé-ìwé gíga àti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì wà lára àwọn tí ó máa ń wo irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gba òṣìṣẹ́ tí yóò máa bójú tó ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà wọn.

Bí ẹ bá béèrè iye tí ó jẹ́, èsì tí ẹ máa gbọ́ ni dọ́là 300. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó ìdánwò ni ìyẹn; kì í ṣe owó ìwé-ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá fi gbogbo ohun tí ó tọ́jú san dọ́là 300 náà lè dé ọjọ́ ìdánwò láìní kọ́bọ̀ mọ́ lọ́wọ́. Bí kò bá yege, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ni ó kù fún un, kò ní rí owó fi tún ìdánwò náà ṣe. Oṣù á máa gorí oṣù, ohun tí ó ti kọ́ á máa ṣí lórí rẹ̀, nígbà tí ó bá sì fi rówó, àtìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún kẹ́kọ̀ọ́ náà. Nítorí náà, kí a tó san owó ìdánwò ni ó yẹ kí a ti mọ gbogbo iye tí ọ̀nà náà yóò gbà.

Kí àlàyé yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó ń gbé ní Ìsẹ́yìn ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ fóònù títúnṣe ni ó ń ṣe, náírà 10,000 ni ó sì ń wọlé fún un lójúmọ́. Ó fẹ́ fi oṣù mẹ́fà kẹ́kọ̀ọ́ nílé, kí ó sì lọ ṣe ìdánwò ní Èkó. Àwọn iye náírà tí a máa kọ sílẹ̀ nínú àpẹẹrẹ yìí wà fún ìṣirò nìkan; kí olúkúlùkù fi iye tí ó bá rí lọ́jà ládùúgbò tirẹ̀ rọ́pò wọn.

Owó ìdánwò: dọ́là ni, kì í ṣe náírà

Dọ́là ni Cisco fi ń ka iye owó ìdánwò rẹ̀. Iye dọ́là náà lè má yí padà fún ìgbà pípẹ́, kí iye náírà rẹ̀ sì máa yí padà lójoojúmọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkudù ọdún 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ó fi di oṣù Èrèlé ọdún 2024, ó ti ré kọjá náírà 1,500. Ìdánwò dọ́là 300 tí kò tó náírà 150,000 tẹ́lẹ̀ ti kọjá náírà 450,000 láàárín oṣù mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni Cisco kò fi ẹyọ dọ́là kan kún un.

Ẹ jẹ́ kí a fi náírà 1,500 sí dọ́là kan nínú àpẹẹrẹ wa. Dọ́là 300 yóò jẹ́ náírà 450,000. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ojú ìwé ìsanwó títí dé ìsàlẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni owó orí máa ń hàn sí bí ó bá wà. Báǹkì pẹ̀lú lè gba owó tirẹ̀ lórí káàdì tí a fi san owó sí òkè òkun, iye tí wọ́n fi ń ṣẹ́ dọ́là sí náírà sì lè ju èyí tí a gbọ́ nínú ìròyìn lọ. A ó fi náírà 40,000 dúró fún gbogbo àfikún wọ̀nyí. Owó ìdánwò ti di náírà 490,000.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a ṣe níbí yìí. Èkíní, ẹ béèrè lọ́wọ́ báǹkì yín bí káàdì náírà yín bá lè san dọ́là 300 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé àwọn báǹkì máa ń fi ààlà sí iye tí káàdì náírà lè ná sí òkè òkun lóṣù. Ẹni tí ààlà tirẹ̀ bá kéré yóò nílò àkáǹtì dọ́là tàbí ọ̀nà mìíràn, èyí náà sì ní owó tirẹ̀. Èkejì, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìyípadà iye dọ́là. Bí dọ́là bá lọ láti náírà 1,500 sí náírà 1,700 kí ẹ tó sanwó, náírà 60,000 ni yóò fi kún owó ìdánwò nìkan.

Àwọn kan máa ń ta fáúṣà, èyí tí í ṣe nọ́ńbà tí a ń tẹ̀ sójú ìwé ìsanwó dípò owó. Bí ó bá wá láti ọwọ́ ẹni tí Cisco fún ní àṣẹ, ó lè ran ẹni tí kò ní káàdì dọ́là lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n fáúṣà ní ọjọ́ tí yóò kú, kí ọjọ́ náà tó pé ni a sì gbọ́dọ̀ ti jókòó ṣe ìdánwò. A kò kàn lè yan ọjọ́ ìdánwò kí a dákẹ́. Bí ẹnìkan bá ń ta á ní ìdajì iye, tí kò sì fẹ́ kí ẹ fi nọ́ńbà náà yan ọjọ́ ìdánwò lójú ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹra fún un.

Ohun èlò ẹ̀kọ́

Ẹ̀kọ́ CCNA kò ṣeé há sórí láti inú ìwé nìkan. Ó yẹ kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ pọ̀, kí ó bà á jẹ́, kí ó sì tún un ṣe. Àwọn kan máa ń rò pé èyí ni yóò gba owó jù, tí wọn yóò sì lọ ra ògbólógbòó ẹ̀rọ ìsopọ̀ lọ́jà. Kò pọn dandan fún ìdánwò yìí. Cisco fúnra rẹ̀ ní ètò kọ̀ǹpútà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Packet Tracer. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn, èyí tí í ṣe Networking Academy, ó sì lè fara wé àwọn ẹ̀rọ náà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán. Owó ẹ̀rọ lè kúrò nínú ìṣirò pátápátá.

Owó tí kì í kúrò ni ti ìwé, ti dátà àti ti iná. Ìwé tí Cisco fi ọwọ́ sí fún ìdánwò yìí pín sí apá méjì, méjèèjì ni ènìyàn sì nílò. Dátà àti iná máa ń sá pamọ́ nínú ìnáwó ilé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í kéré nígbà tí a bá ń wo fídíò ẹ̀kọ́ lóròòru fún oṣù mẹ́fà. Fún arábìnrin wa ní Ìsẹ́yìn, a ó ka ìwé sí náírà 72,000. Dátà jẹ́ náírà 10,000 lóṣù, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó iná jẹ́ náírà 8,000 lóṣù. Fún oṣù mẹ́fà, dátà di 60,000, iná sì di 48,000. Àpapọ̀ ohun èlò ẹ̀kọ́ jẹ́ náírà 180,000.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ń ta ojúlówó ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n jí jáde. Yàtọ̀ sí pé ó lòdì sí ìwà ọmọlúàbí, Cisco lè fagi lé èsì ẹni tí ó bá lò ó, kí ó sì fòfin dè é láti má ṣe ìdánwò wọn mọ́. Ẹni tí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ti pàdánù gbogbo owó tí a ń ṣírò yìí.

Ìrìn-àjò àti ọjọ́ ìdánwò

Ilé-iṣẹ́ Pearson VUE ni ó ń ṣètò ìdánwò náà fún Cisco. Lórí ojú ìwé wọn ni ẹ ti máa rí àwọn ibùdó ìdánwò àti ọjọ́ tí àyè wà. Ẹ wo ibùdó àti ọjọ́ kí ẹ tó ṣírò owó ọkọ̀, nítorí pé ibùdó tí ó sún mọ́ yín lè má ní àyè ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́.

Arábìnrin wa rí àyè ní Èkó ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Bí ó bá gbéra ní Ìsẹ́yìn lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, yóò gba Ìbàdàn kọjá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì lè dá a dúró lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé lè má rí àyè wọlé, owó rẹ̀ yóò sì wọmi. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ sùn ní Èkó. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ jẹ́ náírà 24,000, ibùsùn alẹ́ kan jẹ́ 20,000, oúnjẹ àti ọkọ̀ abẹ́lé jẹ́ 6,000. Ọjọ́ méjì ni kò fi ní ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Náírà 20,000 tí kò wọlé ní ọjọ́ méjì yẹn jẹ́ ìnáwó pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ yọ ọ́ láti inú àpò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ náírà 70,000.

A lè ṣe ìdánwò náà nílé pẹ̀lú, kí olùṣọ́ ìdánwò máa wo ènìyàn láti inú kámẹ́rà kọ̀ǹpútà. Èyí yóò fi owó ìrìn-àjò pamọ́. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ yàrá tí ẹlòmíràn kò ní wọ̀, tábìlì tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀, àti íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò ní já. Bí iná bá lọ láàárín ìdánwò tàbí tí ọmọ kan bá ṣílẹ̀kùn wọlé, wọ́n lè fòpin sí ìdánwò náà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé: ṣé ó yẹ kí n fi náírà 490,000 sínú ewu nítorí àtifi 70,000 pamọ́? Ní ibi tí iná kò ti dúró, ìrìn-àjò ni ó dára jù.

Ohun kékeré kan wà tí ó ti ba owó ìdánwò jẹ́ fún àwọn ènìyàn: orúkọ. Orúkọ tí a fi forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tí ó wà lára ìwé ìdánimọ̀ mu, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìjọba, kí ó ní àwòrán àti ìfọwọ́sí. Bí pásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé-àṣẹ awakọ̀ yín bá ti kú, tàbí tí orúkọ ọkọ bá ti rọ́pò orúkọ bàbá, ẹ tètè tún un ṣe, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ kún ìṣirò. Bí ìdíwọ́ kan bá yọjú, ẹ sún ọjọ́ ìdánwò síwájú nígbà tí ó bá ṣì ku ju wákàtí 24 lọ. Bí àkókò náà bá ti kọjá, owó náà ti lọ.

Bí ìdánwò bá já: owó àtúnṣe

Bí a bá ko gbogbo èyí pọ̀, ìjókòó àkọ́kọ́ yóò gba:

- owó ìdánwò: náírà 490,000
- ohun èlò ẹ̀kọ́: náírà 180,000
- ìrìn-àjò: náírà 70,000
- àpapọ̀: náírà 740,000

Bí kò bá yege, Cisco yóò mú un dúró fún ọjọ́ márùn-ún, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì ìdánwò, kí ó tó lè jókòó lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ẹ̀dínwó fún ẹni tí ó ń tún un ṣe. Odindi owó ni yóò tún san. Èsì tí wọn yóò fún un máa ń fi hàn bí ó ti ṣe sí ní ìsọ̀rí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìwé yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé òun ni yóò sọ ibi tí ó yẹ kí ó padà sí. Ọjọ́ márùn-ún ni ó kéré jù, ṣùgbọ́n oṣù kan ni ó bọ́gbọ́n mu fún ẹni tí ìsọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta bá rẹ̀ sílẹ̀.

Àtúnṣe náà yóò gba owó ìdánwò náírà 490,000, ìrìn-àjò náírà 70,000, àti dátà pẹ̀lú iná fún oṣù kan sí i, náírà 18,000. Àpapọ̀ jẹ́ náírà 578,000. Bí a bá fi kún ti àkọ́kọ́, ó di náírà 1,318,000.

Ọ̀nà méjì ni a fi ń lo iye àtúnṣe yìí, kò sì yẹ kí a da méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Ọ̀nà kìíní ni fún ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé-ẹ̀rí náà tó owó rẹ̀. Òun yóò wo bí ó ti ṣeé ṣe tó pé kí òun má yege. Bí arábìnrin wa bá ti ṣe ìdánwò ìdánrawò mẹ́rin láàárín wákàtí méjì-méjì láìwo ìwé, tí ó sì kùnà nínú ọ̀kan, ó lè ka ewu rẹ̀ sí ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ìdá kan nínú mẹ́rin náírà 578,000 jẹ́ 144,500. Bí a bá fi kún 740,000, iye tí yóò fi wọn ìwé-ẹ̀rí náà jẹ́ náírà 884,500.

Ọ̀nà kejì ni fún ẹni tí ó fẹ́ mọ iye tí ó yẹ kí ó wà nílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń san ìdámẹ́rin àtúnṣe: yálà kí a san gbogbo rẹ̀ tàbí kí a má san nǹkankan. Nítorí náà, náírà 1,318,000 ni ó yẹ kí ó mọ ibi tí òun yóò ti rí i. Bí kò bá sí nílẹ̀, ohun tí ó dára jù ni kí ó kẹ́kọ̀ọ́ nìṣó, kí ó máa tọ́jú owó, kí ó sì sún ọjọ́ ìdánwò síwájú. Bí ó bá yege lẹ́ẹ̀kan, owó àtúnṣe ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìsọdọ̀tun lẹ́yìn ọdún mẹ́ta

Ọdún mẹ́ta ni CCNA fi ń wà láàyè. Cisco kì í gba owó ọdọọdún lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọdún mẹ́ta bá pé láìsọ ọ́ dọ̀tun, ó ti kú nìyẹn, ìdánwò ni a ó sì tún ṣe. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá yege.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. A lè tún ìdánwò kan náà ṣe ní dọ́là 300. A lè ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò àkànṣe ti ipele tí ó tẹ̀ lé e, èyí tí ó jẹ́ dọ́là 300 bákan náà. Ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n bí a bá yege, ó ń sọ CCNA dọ̀tun, ó sì ń ṣí ọ̀nà sí ipele gíga. Owó kan, èrè méjì. Ọ̀nà kẹta ni kí a kó àmì ẹ̀kọ́ 30 jọ láàárín ọdún mẹ́ta náà láti inú àwọn ẹ̀kọ́ tí Cisco fi ọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba owó, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn Cisco máa ń ṣí díẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àkókò kúkúrú. Ẹni tí ó bá ń wò wọ́n láti ọdún kìíní lè fi dátà nìkan sọ ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ dọ̀tun. Ẹni tí ó bá dúró di oṣù tí ó kẹ́yìn, ìdánwò olówó gọbọi ni yóò kù fún un.

Ìparí ìṣirò: iye tí ó gbọ́dọ̀ padà wọlé

Nígbà tí ó jẹ́ pé ọdún mẹ́ta ni ìwé-ẹ̀rí náà fi ń ṣiṣẹ́, oṣù 36 ni a ó fi pín owó rẹ̀. Náírà 884,500 tí a bá pín sí 36 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24,600 lóṣù. Ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù mẹ́fà kí iṣẹ́ tó yọjú. Oṣù 30 ni yóò kù, iye náà yóò sì di bí 29,500. Bí ó bá jẹ́ pé ó tún ìdánwò ṣe, 1,318,000 tí a pín sí 30 sún mọ́ 44,000.

Ìyẹn ni pé, bí iṣẹ́ tí arábìnrin wa ń retí kò bá ní fi tó náírà 30,000 kún owó tí ń wọlé fún un lóṣù, ìwé-ẹ̀rí náà kò ní dá owó ara rẹ̀ padà láàárín ọdún mẹ́ta. Bí ó bá sì máa fi 50,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un, yóò jèrè, àní bí ó bá tún ìdánwò ṣe lẹ́ẹ̀kan. Kí ó tó sanwó, kí ó béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ó fẹ́ bá ṣiṣẹ́ iye tí wọ́n ń san fún ẹni tí ó ní CCNA àti ẹni tí kò ní in. Ìyàtọ̀ àárín iye méjèèjì ni kí ó gbé sí ẹ̀gbẹ́ náírà 30,000 àti 44,000 yìí.

Ẹ ṣe ìṣirò náà sórí ìwé kan ní ọjọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, kí ẹ sì tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ sanwó, nítorí pé iye dọ́là, owó ọkọ̀ àti èsì ìdánrawò yín yóò ti yí padà. Bí owó ìjókòó àkọ́kọ́ àti ti àtúnṣe bá ti pé, ẹ lè yan ọjọ́ ìdánwò.